Ta ló lè lé ta níṣẹ́? Ìdí tí méyọ̀ Dallas kò fi lágbára tó ti Houston

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Dallas ni mo ń gbé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá sú wa ládùúgbò wa, a kọ lẹ́tà sí méyọ̀, wọ́n ní kì í ṣe òun ló ń yan ọ̀gá ọlọ́pàá. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní irọ́ ni, pé ọ̀dọ̀ tiwọn, méyọ̀ ló ń yàn án. Ìpínlẹ̀ kan náà mà ni wá! Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìjọba ìlú ṣe yàtọ̀ síra? Mo tún gbọ́ pé gómìnà lè rán ẹnì kan wá láti wá ṣàkóso ìlú. Èwo nínú wọn ni ti alága káńsù wa nílé jọ?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú ẹ̀yin àti àbúrò yín. Òfin Texas fún ìlú tí èrò inú rẹ̀ bá ti ju 5,000 lọ láàyè láti dìbò fọwọ́ sí ìwé òfin tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣátà. Ṣátà Dallas kò sì bá ti Houston mu rárá. Ẹni tó ń gé rìbọ́nù níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí afárá tuntun, méyọ̀ ni wọ́n ń pè é ní ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀kan kò sí lọ́wọ́ èkejì. Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í wo orúkọ oyè. Ohun méjì ni mo máa ń béèrè tí mo bá fẹ́ mọ irú ìjọba tí ìlú kan ń ṣe. Ta ló ń gba àwọn ọ̀gá ẹ̀ka síṣẹ́, tó sì lè lé wọn? Ta ló wá lè lé òun náà?

Ẹ jẹ́ ká ti Dallas tí ẹ wà bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 15 ló ń jókòó ní káńsù yín. Àdúgbò 14 ló ń yan kánsílọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìlú wá dìbò yan méyọ̀, òun ló ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Méyọ̀ ló ń darí ìpàdé, òun ló ń yan àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ kéékèèké tí káńsù ń pín sí, ẹnu rẹ̀ sì máa ń tólẹ̀ torí pé gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ìbò, ìbò kan ṣoṣo ló ní bíi ti àwọn yòókù. Bí káńsù bá dìbò tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò lágbára láti wọ́gi lé e.

Iṣẹ́ tó ga jù tí káńsù yẹn ń ṣe ni kí wọ́n gba mánéjà ìlú. Wọn kì í dìbò yan mánéjà lọ́dọ̀ ará ìlú. Wọ́n á polówó iṣẹ́ náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ á kọ̀wé wá láti ìlú míì, káńsù á sì mú ẹni tó bá wù wọ́n. Mánéjà yìí ló wá ń gba ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀gá panápaná, ọ̀gá omi, ọ̀gá títì àti gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ wọn. Àwọn mélòó kan ni káńsù mú kúrò lábẹ́ rẹ̀: agbẹjọ́rò ìlú, ayẹ̀wé-owó-wò, akọ̀wé ìlú àti àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ ìlú. Ẹ ó rí i pé kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ mánéjà ni wọn kò jẹ́ kí mánéjà fúnra rẹ̀ yàn.

Ètò ìṣúná náà, mánéjà ló ń kọ ọ́. Oṣù kẹjọ ló máa ń gbé e wá síwájú káńsù. Wọ́n á gbọ́ ohùn ará ìlú, wọ́n á yí ibi tí wọ́n bá fẹ́ yí, wọ́n á dìbò lé e lórí lóṣù kẹsàn-án, ó sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Tí ẹ bá fẹ́ kí owó bọ́ sí ọ̀rọ̀ àdúgbò yín, àárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ pariwo. Lẹ́tà tí ẹ kọ lóṣù kìíní, àpótí ló máa sùn sí.

Ohun kan tún wà nínú ṣátà yẹn tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Kánsílọ̀ kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ mánéjà. Ó lè béèrè ìbéèrè, ó lè ní kí wọ́n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pe ọ̀gá títì lórí fóònù kó ní, “Lọ tún títì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe lọ́la.” Ọ̀dọ̀ mánéjà lọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Wọn kò sì kàn fi òfin yìí síbẹ̀ láti fi dí èèyàn lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá wọlé ìdìbò ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà ló ń pín iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ panápaná àti kọ́ńtíráàtì títì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omíyalé ọdún 1913 ba ìlú Dayton ní Ohio jẹ́, tí ìjọba ìlú kò sì rí nǹkan gidi ṣe, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ló ṣáájú àwọn tó ní káwọn gbé ìlú fún mánéjà tó mọ iṣẹ́, bí ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-iṣẹ́ ṣe ń gba ọ̀gá àgbà. Dayton bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914. Dallas dìbò fún un lọ́dún 1930.

Ṣé ó wá yọrí sí rere? Ó dáa níbi kan, ó sì láléébù níbòmíì. Ibi tó ti dáa ni pé mánéjà kì í bá ìyípadà méyọ̀ lọ. Mánéjà jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú bí olùkọ́ ṣe ń ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn. T.C. Broadnax tó jẹ́ mánéjà Dallas láti ọdún 2017, ìlú Tacoma ni wọ́n ti mú un wá. Nígbà tí Dallas kò dùn mọ́ ọn mọ́ lọ́dún 2024, Austin ló gbà á, iṣẹ́ mánéjà kan náà ló sì lọ ṣe níbẹ̀.

Ibi tó ti láléébù hàn nínú bí Broadnax yẹn ṣe lọ. Òun àti Méyọ̀ Eric Johnson kò gbọ́ra wọn yé fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún 2022, méyọ̀ àtàwọn kánsílọ̀ kan fẹ́ kó lọ, ó sì kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Broadnax kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn kánsílọ̀ ló dámọ̀ràn pé kó lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ṣe pàtàkì, torí inú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tí káńsù bá ní kó máa lọ, ó máa gba owó oṣù ọdún kan, tó ju 400,000 dọ́là lọ. Tó bá jẹ́ pé òun ló dìde fúnra rẹ̀, kò ní gbà á. Ọ̀gbẹ́ni méyọ̀ tí gbogbo ìlú dìbò fún, ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ló fi gbogbo ọdún bá mánéjà jà, kò lè lé e. Àwọn kánsílọ̀ tó pọ̀ tó ló lè ṣe é, wọ́n sì ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Ẹ rí bó ṣe kan ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yín. Lẹ́yìn tí Broadnax lọ, ọ̀gá ọlọ́pàá Dallas, Eddie García, náà kọ̀wé sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí Austin láti lọ ṣe igbákejì mánéjà. Mánéjà tó gba ipò, Kimberly Bizor Tolbert, ló mú Daniel Comeaux wá ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá lọ́dún 2025. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, méyọ̀ kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ ju kó sọ èrò ọkàn rẹ̀ lọ. Torí náà, lẹ́tà yín kì í ṣe ọ̀dọ̀ méyọ̀ ló yẹ kó lọ. Ẹ kọ ọ́ sí mánéjà, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí kánsílọ̀ àdúgbò yín. Ìdí ẹ̀dà náà ni pé mánéjà máa ń ka orí. Ó mọ iye kánsílọ̀ tó wà lẹ́yìn òun, kò sì fẹ́ kí ọ̀kan lára wọn máa gbọ́ ẹ̀sùn ará àdúgbò rẹ̀ lójú ìwé ìròyìn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ Dallas di bíi Houston. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e lọ síwájú ará ìlú lọ́dún 2005, lóṣù karùn-ún àti lóṣù kọkànlá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ará ìlú sì kọ̀ ọ́. Àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú ní gúúsù ìlú wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́ jù. Ọdún 1991 ni káńsù aládùúgbò 14 yẹn bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìbò gbogbo ìlú bo ohùn àwọn tó kéré mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kánsílọ̀ tiwọn yàn tó lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ mánéjà ni. Kí ló fẹ́ mú wọn gbé gbogbo agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́? Èmi rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ó wá kan Houston. Níbẹ̀, méyọ̀ gan-an ni ọ̀gá. Òun ló ń yan ọ̀gá ọlọ́pàá àti àwọn ọ̀gá ẹ̀ka yòókù, káńsù á sì fọwọ́ sí i. Òun ló ń kọ ètò ìṣúná. Ohun tó mú kí ti Houston le ju ti ọ̀pọ̀ ìlú míì lọ ni pé méyọ̀ yìí náà ló ń jókòó sórí àga káńsù, tó sì ń dìbò níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn kánsílọ̀ 16. Ní ìlú míì tí méyọ̀ ti lágbára, káńsù máa ń ní olórí tirẹ̀ tí yóò máa bá méyọ̀ ṣe ìkọlù. Ní Houston, ẹni tó ń ná owó ló ń darí ìpàdé àwọn tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Títí di ọdún 2023, méyọ̀ nìkan ló lè fi ọ̀rọ̀ sínú àjẹ́ńdà. Bí kánsílọ̀ 16 tilẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan, tí méyọ̀ bá ti ní kò sí lórí ìwé, kò sí lórí ìwé nìyẹn. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn ni àwọn ará ìlú dìbò pé kí kánsílọ̀ mẹ́ta tó bá pawọ́ pọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024 hàn yín. John Whitmire gorí àga méyọ̀ lóṣù kìíní ọdún náà. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn panápaná ti wà ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ méyọ̀ tó ṣíwájú rẹ̀, tí kò fẹ́ gbà fún wọn. Whitmire fẹ́ gbà fún wọn. Ní oṣù kẹta, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan. Ní oṣù kẹfà, káńsù ti fọwọ́ sí àdéhùn tó lè gba bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là. Lóṣù karùn-ún ọdún kan náà, ọ̀gá ọlọ́pàá Troy Finner lọ, lẹ́yìn tí ó ti jáde pé àwọn ọlọ́pàá ti pa fáìlì ẹjọ́ tó ju 260,000 tì, wọ́n ní àwọn kò ní èèyàn tó máa ṣe é. Méyọ̀ ló kéde pé ó ti lọ, méyọ̀ náà ló wá Noe Diaz rí láti dípò rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn gbogbo rẹ̀ mọ ẹni tó máa dá lẹ́bi.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìjọba méyọ̀ alágbára nìyẹn: nǹkan máa ń yá, ẹ̀bi rẹ̀ sì lẹ́ni tó ń gbé e. Ohun tí mo kórìíra níbẹ̀ ni pé bí ìpinnu náà bá jẹ́ àṣìṣe, yíyá náà ló máa fi bàjẹ́. Nígbà tí ìlú bá jẹ gbèsè ọjọ́ pípẹ́ nítorí ìlérí tí méyọ̀ ṣe nígbà ìpolongo, ó lè ti parí sáà rẹ̀ kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní Houston, kọ̀ntírólà tí ará ìlú dìbò yàn lọ́tọ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé owó wà kí wọ́n tó ná an, ọwọ́ ìdádúró tó ní ìtumọ̀ jù nìyẹn. Kò lè ní kí wọ́n má ṣe nǹkan torí pé kò dáa. Ó kàn lè ní owó rẹ̀ kò sí ni.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ẹnì kan tó máa ń jọ mánéjà tí kì í sì í ṣe mánéjà. Ọ̀pọ̀ méyọ̀ alágbára ló máa ń gba alábòójútó kan tó mọ iṣẹ́ ọ́fíìsì, tí á máa darí àwọn ẹ̀ka lójoojúmọ́, kí méyọ̀ lè ráyè ṣe òṣèlú. New Orleans ní irú rẹ̀ nínú ṣátà wọn. Ó lè kàwé ju mánéjà Dallas lọ, ó sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè mi kejì: méyọ̀ nìkan ló lè lé e. Nítorí náà, bí kánsílọ̀ bá ní kó sọ òtítọ́ owó tó kù, ojú méyọ̀ ló máa kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn.

Ẹni tí gómìnà rán wá yàtọ̀ sí gbogbo àwọn wọ̀nyí, torí pé ìdáhùn sí ìbéèrè kejì kò sí nínú ìlú rárá. Ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan ni mo fẹ́ lò, nǹkan bí 100,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2010.

Flint ní méyọ̀ alágbára àti káńsù. Ṣùgbọ́n gbèsè wọ ìlú náà lọ́rùn, ní ìparí ọdún 2011, ìpínlẹ̀ kéde pé ó ti di pàjáwìrì, gómìnà sì rán alábòójútó wá. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo agbára méyọ̀ àti ti káńsù bọ́ sí ọwọ́ ẹni náà. Ó lè fagi lé àdéhùn, ó lè ta ohun ìní ìlú, ó lè ṣe òfin ìlú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò. Àwọn ará Michigan fi ìbò pa òfin tó fàyè gba èyí rẹ́ lóṣù kọkànlá ọdún 2012. Kó tó di pé ọdún yẹn parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òmíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Wọ́n fi owó kékeré kan sínú rẹ̀, torí pé ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí ará ìlú dìbò lórí òfin tó bá ní owó nínú. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!

Òfin tuntun náà sọ pé tí alábòójútó bá ti lo oṣù 18, ìdá méjì nínú mẹ́ta káńsù lè dìbò lé e lọ. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n Flint rí alábòójútó mẹ́rin láàárín ìparí ọdún 2011 sí oṣù kẹrin ọdún 2015, ọ̀kan lára wọn tilẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ìkankan tó jókòó oṣù 18 lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè náà kò yọ rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nípa omi nìyí. Láti Detroit ni Flint ti ń ra omi. Wọ́n ń kọ́ páìpù tuntun tí yóò máa gbé omi wá láti adágún Huron, káńsù sì fọwọ́ sí èyí lóṣù kẹta ọdún 2013. Ṣùgbọ́n páìpù náà kò tíì parí, torí kí owó má baà máa jáde, wọ́n ní kí ìlú máa mu omi odò Flint ná. Apá yìí, láti máa mu omi odò, káńsù kò dìbò fún un. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n yí ẹ̀rọ padà. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ní kó wá tẹ bọ́tìnnì lójú kámẹ́rà? Méyọ̀ Dayne Walling. Wọ́n gbé ife omi sókè, wọ́n mu ún, wọ́n ya fọ́tò.

Omi odò náà ń jẹ irin ju ti Detroit lọ. Detroit máa ń fi fọ́síféètì sínú omi tirẹ̀, èyí tó ń mú kí nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo inú páìpù, kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà yọ́ sínú omi. Flint kò fi í sí i. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní Flint ní àwọn kò lo omi yẹn mọ́ torí ó ń ba irin àwọn jẹ́. Wọ́n gbà kí ilé-iṣẹ́ náà padà sí omi míì. Àwọn ìyá tó ń fi omi yẹn po mílíìkì ọmọ kò rí ẹni gbà fún wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, káńsù Flint dìbò, méje sí ọ̀kan, pé kí ìlú padà sí omi Detroit. Níbi tó bá jẹ́ Houston, ìbò yẹn ì bá ti há méyọ̀ mọ́ ibi ògiri. Níbi tó bá jẹ́ Dallas, mánéjà ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ní Flint, alábòójútó tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Jerry Ambrose, ní kò bọ́gbọ́n mu, owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, omi tí àwọn ń mu kò sì ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ parí. Oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà sí omi Detroit, lẹ́yìn tí dókítà àwọn ọmọdé kan níbẹ̀, Mona Hanna-Attisha, ti fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hàn pé òjé ti ń pọ̀ nínú ara àwọn ọmọ.

Àwọn ará Flint bínú, wọ́n sì dìbò lóṣù kọkànlá ọdún 2015. Walling ni wọ́n lé, ẹni tí kò ní àṣẹ lórí omi ní ọjọ́ tó tẹ bọ́tìnnì. Òun nìkan ló kù tí ìbò wọn lè bà.

Mi ò ní kí ẹ rò pé alábòójútó kì í ṣe nǹkan rere rárá. Kevyn Orr tí ìpínlẹ̀ náà rán sí Detroit lọ́dún 2013 kó ìlú náà lọ sí kóòtù pẹ̀lú gbèsè tó tó bílíọ̀nù 18 dọ́là, ó sì mú un jáde kí ọdún 2014 tó parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gé owó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Kò sí méyọ̀ tó máa wọlé ìdìbò lẹ́ẹ̀kejì tó bá ṣe irú rẹ̀. Ohun tí alábòójútó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn: ìwé owó. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ní kó dín ìnáwó kù, ìnáwó ló sì ń wò. Tí ohun tó dín kù bá wá jẹ́ ohun tó ń dáàbò bo ara èèyàn, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró láti inú ìlú.

Mo wá kan tilé wa. Ní ọdún 1991, ìjọba Babangida ya alága káńsù àti àwọn kánsílọ̀ sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe wà. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ń dìbò yan alága, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ń yan kánsílọ̀, alága ń yan àwọn súpáfáísọ̀ tirẹ̀. Tí ẹ bá kà á lórí ìwé, ẹ ó ní Houston nìyí.

Ẹ wá bi í ní ìbéèrè mi kìíní. Ta ló ń gba àwọn ọ̀gá ẹ̀ka síṣẹ́? Kì í ṣe alága. Àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, tó wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, ló ń gba òṣìṣẹ́ láti ìpele 07 lọ sókè, òun ló ń gbé wọn ga, òun ló ń gbé wọn kiri. Olórí òṣìṣẹ́ káńsù, akápò, ẹnjiníà, gbogbo wọn wà lábẹ́ àjọ yẹn. Àwọn tó kéré sí ìpele 07 ni káńsù lè gbà fúnra rẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní káńsù kan nílé. A wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí lẹ́tà dé pé kí akápò máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ míì, kí ẹlòmíì wá. Akápò ló mú lẹ́tà náà lọ han alága. Ìgbà àkọ́kọ́ tí alága gbọ́ nìyẹn, àwa òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì gbọ́ bó ṣe ń bi í pé, “Ta wá ni yóò bá mi buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀sẹ̀ yìí?”

Ìbéèrè kejì ló wá burú. Lórí ìwé, ará ìlú àti àwọn kánsílọ̀ ló lè lé alága. Abala keje ìwé òfin ọdún 1999 ní ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ará ìlú dìbò yàn. Síbẹ̀, ó ti di àṣà kí gómìnà tú káńsù ká, kó sì fi àwọn alága fìdíhẹ síbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé gorí oyè lọ́dún 2019 ni wọ́n ní kí àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn lọ́dún 2018 máa lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre lọ́jọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí ọdún mẹ́ta tí wọ́n dìbò fún wọn kù díẹ̀ kó parí. Owó wọn ni wọ́n rí gbà, wọn kò rí àga. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà sọ ọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè pé gómìnà kò lágbára láti fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ ṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀, àti pé owó wọn gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn láìgba ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀.

Alága fìdíhẹ, ẹ mọ ẹgbẹ́ rẹ̀ báyìí: alábòójútó Flint ni, àfi pé ti Flint, òfin kan wà tó gbé e dé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé gbèsè ti wọ ìlú lọ́rùn.

Bóyá ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé a ti gbìyànjú ti Dallas náà rí nílé. Lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ bínú nínú ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969, tí wọ́n ń tako owó orí àti ìwà àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ gbé ètò káńsù àti mánéjà kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Orúkọ rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ló wà lórí oyè, àwọn tó wà nínú káńsù kì í ṣe ẹni tí ará ìlú dìbò yàn, mánéjà kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́ káńsù. Ìpínlẹ̀ ló ń rán an wá, ìpínlẹ̀ ló sì ń pè é padà. Káńsù kò lè gbà á, wọn kò lè lé e. Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1976 ló gbá a dànù. Nígbà míì tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé mánéjà kò lè ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa torí a ti dán an wò, mo máa ń dá a lóhùn pé a kò tíì dán an wò.

Tí ẹ bá délé, tí ẹ sì fẹ́ mọ irú èyí tó wà ní káńsù yín gan-an, ẹ má bi alága. Ẹ wá olórí òṣìṣẹ́ káńsù lọ, kí ẹ bi í pé ta ló buwọ́ lu lẹ́tà tó gbé e wá síbẹ̀, àti pé tí òun àti alága bá jà lónìí, lọ́wọ́ ta ni lẹ́tà tí yóò gbé e kúrò máa ti wá.